Orúkọ inú ìwé ìbí àti orúkọ inú ìwé ìrìnnà: kí lẹ́tà kan má dínà mọ́ ọmọ wa

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A ti wo ilé, a sì ti sọmọ lórúkọ tó bá ilé mu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ẹni tó máa yẹ orúkọ yẹn wò kò mọ ilé wa, kò sì mọ ìtumọ̀ orúkọ. Lẹ́tà nìkan ló mọ̀. Tí lẹ́tà inú ìwé ẹ̀rí ìbí bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé ìrìnnà, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rí níwájú rẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀tẹ̀ yìí, nítorí pé àwa tí à ń jẹ́ orúkọ Ifá, orúkọ Ṣàngó, orúkọ Ọ̀ṣun àti orúkọ Èṣù, ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Mo máa sọ ìdí rẹ̀. Mo máa sọ ohun tí àwọn tó ń yẹ ìwé wò ń wá. Lẹ́yìn náà ni mo máa sọ bí a ṣe ń tún un ṣe, látorí ọ̀rọ̀ ìdílé kan tí mo bá wọn tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìdí tí orúkọ tiwa fi máa ń yàtọ̀

Ẹ wo orúkọ bíi Ifákúnlé. Lẹ́nu wa, a lè pè é ní Ifákúnlé, a sì lè pè é ní Fákúnlé. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé tó máa sọ pé kì í ṣe ẹyọ orúkọ kan náà. Bàbá àgbà ń jẹ́ Ifákúnlé, ọmọ rẹ̀ tó lọ sí ilé ìwé ń kọ Fákúnlé, àbúrò rẹ̀ tún padà sí Ifákúnlé. Ìdílé kan ṣoṣo nìyẹn, ṣùgbọ́n lórí ìwé wọ́n ti di ìdílé méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifágbèmí àti Fágbèmí, Ifáṣọlá àti Fáṣọlá, Ifátóyìnbó àti Fátóyìnbó.

Èkejì ni lẹ́tà ṣ. Àmì tó wà lábẹ́ ṣ kò sí lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Nígbà tí akọ̀wé kan bá gbọ́ Ṣàngóbùnmi, ó lè tẹ SANGOBUNMI, kó fò àmì náà. Akọ̀wé mìíràn, kó má bàa sọ ohùn rẹ̀ nù, máa tẹ SHANGOBUNMI. Àwọn méjèèjì gbọ́ ohun kan náà, kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ẹ mú Ọ̀ṣun náà kún un: OSUN àti OSHUN. Àwọn ẹbí wa tó wà ní apá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bìnẹ̀ tún ní tiwọn, nítorí pé ọwọ́ Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́: ohun tí àwa ń kọ ní u, wọ́n lè kọ ọ́ ní ou. Àwọn ará wa ní Kúbà ń kọ Changó, àwọn ti Bùràsíìlì ń kọ Xangô. Òrìṣà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àkọtọ́ àtijọ́. Àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò rántí pé Aiye là ń kọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó tún àkọtọ́ Yorùbá ṣe tó di Ayé. Nítorí náà bàbá ń jẹ́ Aiyegbusi, ọmọ ń jẹ́ Ayegbusi. Ẹ̀kẹrin ni pípín orúkọ sí méjì, bíi IFA KEMI dípò IFAKEMI. Ẹ̀rọ máa ka Ifa sí orúkọ kan, á sì ka Kemi sí orúkọ mìíràn.

Ohun tí ẹni tó ń yẹ ìwé wò ń wá

Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ ṣí ojú ewé tí àwòrán yín wà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí ìlà méjì tí wọ́n tẹ̀ tó kún fún àmì bí orí ọfà. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà 44, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín. Ìlà kìíní ló ń gbé orúkọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: lẹ́tà A títí dé Z nìkan ló lè wọ ibẹ̀, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Orúkọ ìdílé ló ṣáájú, orí ọfà méjì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn orúkọ tó kù.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ àfiṣàpẹẹrẹ kan náà bí àwọn akọ̀wé méjì ṣe lè gbé e wọ ibẹ̀:

```
P<NGAFAKUNLE<<SANGOBUNMI<ASAKE<<<<<<<<<<<<<<
P<NGAIFAKUNLE<<SHANGOBUNMI<<<<<<<<<<<<<<<<<<
```

Àwa mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Ẹ̀rọ tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú kò mọ̀. Ó rí orúkọ ìdílé tó yàtọ̀, ó rí orúkọ tirẹ̀ tó yàtọ̀, ó sì rí orúkọ kẹta tó sọnù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn wa pé kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu lórí àmì ohùn nínú ìwé ìrìnnà. Kò sí ẹni tó máa dá yín dúró nítorí pé àmì kò sí lórí rẹ̀. Lẹ́tà tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ kà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kọ́. Ìwé ẹ̀rí ìbí ń ṣe iṣẹ́ kan tí ìwé ìrìnnà kò lè ṣe. Ìwé ìrìnnà ń sọ ẹni tí ọmọ jẹ́ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìwé ìbí ló ń sọ ẹni tó bí i. Nítorí náà, tí bàbá bá wà ní London tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá, ìwé ìbí ni okùn tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò máa mú ìwé ìrìnnà ọmọ, á fi wé orúkọ ọmọ nínú ìwé ìbí. Lẹ́yìn náà, á mú ìwé ìrìnnà bàbá, á fi wé orúkọ bàbá nínú ìwé ìbí kan náà. Ìbi méjì ló ti ń so okùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ti ọmọ nìkan, wọn kì í wo ti bàbá àti ìyá. Ibẹ̀ gan-an ni okùn ti máa ń já.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ohun kẹta tún wà láàárín, òun ni NIN. Nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn ni Iléeṣẹ́ Wọlé-wọ̀de fi ń ṣe ìwé ìrìnnà lóde òní. Orúkọ tó bá wà nínú NIN ni wọ́n máa fẹ́ rí nínú ìwé ìrìnnà. Ẹ wò ó bí igi: ìwé ìbí ni gbòǹgbò, NIN ni ìtí igi, ìwé ìrìnnà ni ẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ̀ka ṣe láì kọ́kọ́ wo ìtí, owó lásán ló ná.

Irú ìyàtọ̀ mẹ́ta, oògùn mẹ́ta

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ọ́fíìsì kankan, ó gbọ́dọ̀ mọ irú ìyàtọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn ẹ̀fọ́rí kọ́ là ń lò fún inú rírun.

Àkọ́kọ́ ni àṣìṣe akọ̀wé. Ẹ pe Ṣàngóbùnmi, ó kọ Sangobumi, lẹ́tà n sọnù. Èyí ni ìwé fúnra rẹ̀ tó ṣàṣìṣe, ìwé náà ni a ó tún ṣe. Tó bá jẹ́ ìwé ìbí ni, ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn là ń lọ, ní ọ́fíìsì wọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀nà ìkọ méjì fún orúkọ kan. Ifákúnlé àti Fákúnlé, Ṣ àti Sh. Kò sí ẹni tó ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ìwé kò fẹnu kò. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, a ó mú ìwé kan tẹ̀ lé àwọn yòókù. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, a ó búra nílé ẹjọ́ pé ẹni kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì.

Ìkẹta ni ìyípadà orúkọ gan-an. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan láti kékeré tó wá gba orúkọ tuntun lẹ́yìn ìtẹ̀fá, tàbí tó fẹ́ padà sí orúkọ ìdílé tí àwọn baba rẹ̀ pa tì, tàbí ìyàwó tó gba orúkọ ọkọ. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ìyípadà orúkọ kì í yí ìwé ìbí padà. Ìwé ìbí ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí ọmọ, ọjọ́ náà kò sì lè padà wá. Ohun tí a nílò ni afárá tó máa so orúkọ ìgbà ìbí mọ́ orúkọ ìsinsìnyí. Ìwé ìbúra àti ojú ewé ìwé ìròyìn ni afárá náà. Fún obìnrin tó gba orúkọ ọkọ, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni.

Ẹni tó bá lo oògùn ìkẹta fún àìsàn àkọ́kọ́ ti dá ara rẹ̀ lóró. Akọ̀wé fo lẹ́tà kan péré, ó wá lọ kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ti yí orúkọ padà. Láti ọjọ́ náà ó ti di ẹni tó ní orúkọ àtijọ́ àti orúkọ tuntun. Gbogbo fọ́ọ̀mù físà tó bá bi í bóyá ó ti jẹ́ orúkọ mìíràn rí, ó gbọ́dọ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìdílé kan

Ìdílé kan nínú àwọn tiwa gbé ìwé wọn wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti pààrọ̀ orúkọ wọn kí n má bàa tú àṣírí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bàbá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ náà ti pé ọdún 17, ó ku oṣù méje kó pé 18. Ọmọ tó bá ti pé 18 kó tó kọ̀wé kò lè wọlé lábẹ́ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọdé mọ́ ní ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà kò sí àkókò láti fi ṣeré.

Ìyá ọmọ kó gbogbo ìwé wá sínú àpò ọ̀rá kan. Mo ní kó mú bébà funfun kan àti bírò. A fa ìlà, a sì kọ orúkọ tó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ńlá ni, lẹ́tà kan sí èkejì, bó ṣe wà gan-an. Ohun tí a rí nìyí. Ìwé ìbí: IFAKUNLE SHANGOBUNMI, bàbá sì jẹ́ IFAKUNLE níbẹ̀. NIN ọmọ: FAKUNLE SANGOBUNMI ASAKE. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ girama: FAKUNLE SANGOBUNMI ASAKE. Ìwé ìrìnnà bàbá: FAKUNLE. Ọmọ náà kò tíì ní ìwé ìrìnnà rárá.

Mo bi wọ́n pé ta ló lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Wọ́n ní bàbá àgbà ni. Bàbá àgbà pe orúkọ ìdílé bí òun ṣe ń pè é, ní kíkún, Ifákúnlé. Akọ̀wé sì kọ ohun tó gbọ́. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnìkan ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kàn lọ yí NIN ọmọ padà sí IFAKUNLE, kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ lè bá ìwé ìbí mu. Ó jọ pé ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo okùn méjì tí mo sọ. Ìwé ìrìnnà ọmọ máa bá ìwé ìbí mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti bàbá kò ní bá a mu. Bàbá ṣì ń jẹ́ FAKUNLE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi iṣẹ́ rẹ̀, nínú físà rẹ̀, nínú ìwé ilé tó ń gbé. Ẹ ti so okùn ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ti já èkejì.

Ẹlòmíràn ní òun mọ àjẹ́ńtì kan tó lè bá wọn ṣe ìwé ìbí tuntun láàárín ọjọ́ méjì, pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Mo ní kí wọ́n sá fún un. Ìwé ìbí ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́ẹ̀kan kò lè ní ìwé ìbí méjì tó yàtọ̀ síra. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí méjèèjì, kì í ṣe lẹ́tà ni wọ́n máa bi yín mọ́, irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá sì dá lẹ́bi irọ́ lórí físà lè pẹ́ kó tó tún wọ ìlú yẹn.

Òfin tí mo fi ń tọ́ wọn kò le: ẹ ka iye ìwé tó fẹnu kò, kí ẹ wá tún èyí tó dá yàtọ̀ ṣe. Níhìn-ín, ìwé mẹ́ta sọ ohun kan, ìwé ìbí nìkan ló sọ òmíràn. Nítorí náà ìwé ìbí ni a ó mú wá bá àwọn yòókù.

Ìyá ọmọ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ó búra. Bàbá náà búra níwájú agbẹjọ́rò tó láṣẹ láti gba ìbúra níbi tó wà, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́. Ohun tí ìwé ìbúra náà sọ kò pọ̀: pé Ifakunle àti Fakunle jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, pé Shangobunmi inú ìwé ìbí tó ní nọ́ńbà báyìí ni Sangobunmi Asake inú ìwé ilé ẹ̀kọ́, pé bí wọ́n fẹ́ kó wà láti ìsinsìnyí lọ ni FAKUNLE SANGOBUNMI ASAKE. Wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ibi tí wọ́n bí i sí i, wọ́n sì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n kó ìwé ìbúra, ojúlówó ìwé ìbí, ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, àti ẹ̀dà ìwé ìrìnnà bàbá lọ sí ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Akọ̀wé àjọ ṣí àkọsílẹ̀ àtijọ́, ó rí i pé ọmọ náà wà níbẹ̀, pé ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá kò yí padà, pé lẹ́tà nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n gba ìwé àtijọ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fún wọn ní èyí tí a tún ṣe. Mo ti kìlọ̀ fún ìyá pé kó ya fọ́tò ìwé àtijọ́ kó tó fi í lé wọn lọ́wọ́. Èyí ṣe pàtàkì: ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé tuntun yóò hàn lórí rẹ̀, ẹni tó bá rí i á sì fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ ọdún 17 fi gba ìwé ìbí lọ́dún yìí. Ẹ̀dà àtijọ́ àti ìwé ìbúra ló máa dáhùn fún un.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó lọ ṣe ìwé ìrìnnà. NIN ti tọ̀nà tẹ́lẹ̀, nítorí náà orúkọ tó jáde lójú kọ̀ǹpútà ni orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ìyá náà kò kúrò ní ọ́fíìsì kó tó ka ohun tí wọ́n tẹ̀. Wọ́n kọ̀wé fún físà nígbà tó ku oṣù méjì kí ọmọ pé 18. Ó ti wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ báyìí.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀

Ìwé ìbúra fúnra rẹ̀ lè ní àṣìṣe. Mo ti rí èyí tí wọ́n fẹ́ fi tún orúkọ ṣe tó tún kọ orúkọ náà lọ́nà kẹta. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ń tẹ ìwé púpọ̀ lóòjọ́. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ fi bébà tí ẹ kọ nílé wé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkéde inú ìwé ìròyìn. Tí wọ́n bá ṣì í kọ, ìkéde yẹn kò wúlò, ẹ ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ ra odidi ìwé ìròyìn náà, ó kéré tán méjì, kí ẹ pa á mọ́ lódindi. Ẹ má ṣe gé ìkéde náà jáde, nítorí pé ọjọ́ àti orúkọ ìwé ìròyìn tó wà lókè ojú ewé ni ẹ̀rí.

Ìkéde náà gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́ta: orúkọ tí ẹ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, orúkọ tí ẹ ń jẹ́ báyìí, àti pé gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni kì í jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá yín di òkú.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi bírò tàbí ọ̀dà funfun tún lẹ́tà ṣe lórí ìwé ìbí, àní kó jẹ́ pé òótọ́ ni ohun tó fẹ́ kọ. Ìwé tí ọwọ́ bá ti kàn ti bàjẹ́, kò sí ọ́fíìsì tó máa gbà á.

Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò. Ìwé ìbí tàbí ìbúra ló ṣáájú, NIN ló tẹ̀ lé e, ìwé ìrìnnà ló kẹ́yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé ìrìnnà rárá, nítorí pé orúkọ inú ìwé ìrìnnà ni wọ́n máa kọ sí i. Owó tí wọ́n ń gbà fún àtúnṣe máa ń yí padà, ẹ bèèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Àwọn tó gba orúkọ Ifá lẹ́yìn ìtẹ̀fá

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń bi mí pé ṣé àwọn gbọ́dọ̀ fi orúkọ tí Ifá fún àwọn sínú ìwé ìrìnnà. Èsì mi ni pé kò pọn dandan. Orúkọ tí Ifá fún yín, Ifá mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n, kò nílò ọ̀ǹtẹ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n tó bá wù yín láti fi kún un, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ fi í ṣe orúkọ àárín, kí ẹ má fọwọ́ kan orúkọ ìdílé. Orúkọ ìdílé ló so yín mọ́ bàbá yín nínú ìwé ìbí, òun sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Ìyípadà orúkọ gan-an lèyí, ti oògùn ìkẹta, nítorí náà ìbúra àti ìkéde pọn dandan, ẹ ó sì pa wọ́n mọ́ títí ayé.

Ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti di ọmọ ìlú ibẹ̀, ẹ kíyè sí èyí. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìrìnnà níbẹ̀ fẹ́ kí orúkọ inú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yín bá èyí tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn mu. Tí ẹ bá yí orúkọ padà lọ́hùn-ún, tí ti ilé sì wà bó ṣe wà, wọ́n máa ní kí ẹ lọ tún ti ilé ṣe kí wọ́n tó fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ

Ọjọ́ tó dára jù láti tún orúkọ ṣe ni ọjọ́ kẹjọ tí a ń sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo ẹbí ló ń fún ọmọ lórúkọ, orúkọ lè tó mẹ́wàá, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé kan, orúkọ ọmọ kan, àti orúkọ àárín kan ni kí ẹ mú lọ sí ọ́fíìsì. Kí wọ́n tó ká ẹní, kí bàbá ọmọ mú ìwé ìrìnnà tirẹ̀ tàbí NIN rẹ̀ wá, kí ó da orúkọ ìdílé kọ látinú rẹ̀, kì í ṣe látẹnu bàbá àgbà. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà ní lẹ́tà ńlá, láìsí àmì. Ẹ pinnu bóyá S ni yóò jẹ́ tàbí SH, kí gbogbo ọmọ ìyá kan náà sì máa lo ẹyọ kan. Bébà yẹn ni kí ẹni tó ń lọ sí Àjọ Ètò Ìkànìyàn fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Kó má fi ẹnu pe orúkọ.

Tí wọ́n bá tẹ ìwé tán, kó dúró níbẹ̀ kó fi bébà wé e, ti ọmọ, ti bàbá, ti ìyá. Tí lẹ́tà kan bá yẹ̀, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà á lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọdún 17, ẹ ti gbọ́ ohun tó gbà.

Ẹ mú ìwé àwọn ọmọ yín jáde lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fa ìlà bí a ti fà á. Ẹni tí tirẹ̀ bá fẹnu kò, kó dúpẹ́. Ẹni tí kò bá fẹnu kò, kó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí kò sí físà tó ń lé e.